Wíwé gèlè nínú fídíò kúkúrú: iwájú, ẹ̀yìn, àbí orí ẹlòmíràn, ibo ló yẹ kí kámẹ́rà wà?

Ẹni tó bá fẹ́ fi fídíò kúkúrú kọ́ èèyàn ní gèlè wíwé, ohun kan wà tó gbọ́dọ̀ pinnu kó tó fọwọ́ kan aṣọ: ibo ni fóònù máa dúró sí? Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rò ó rárá. A ó gbé fóònù síwájú ojú wa, a ó wé gèlè náà tán, á sì yọrí dáadáa. Àwọn tó wò ó á kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ó mà rẹwà o. Bí wọ́n bá wá gbé gèlè tiwọn, kò ní ṣeé ṣe. Kì í ṣe pé wọn ò fọkàn sí i. Ibi tí iṣẹ́ náà ti le jù ni kámẹ́rà ò rí.

Ibi mẹ́ta ni fóònù sábà máa ń wà nínú irú fídíò yìí: níwájú olùkọ́, lẹ́yìn olùkọ́, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí olùkọ́ ń wé gèlè fún. Èmi fara mọ́ ti ẹ̀yìn fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́, màá sì sọ ìdí rẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ má bàa pọ̀ jù, gèlè oníplíìtì tí a ń so sí ìpàkọ́ nìkan ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ibi tí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń yẹ̀

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ to iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ. Ká ní gèlè náà gùn tó yáàdì 2. A ó ṣẹ́ etí rẹ̀ kan lọ́nà gígùn, kí ibi tí a ṣẹ́ fẹ̀ tó ìka méjì. Ibi tó nípọn yẹn ló máa jókòó síwájú orí, lókè irun ojú díẹ̀, kó sì bo orí etí méjèèjì. A kì í pín in dọ́gba: apá kan á kúrú, apá kejì á gùn. A ó fa apá kúkúrú lọ sí ìpàkọ́, a ó sì fi ọwọ́ kan dì í mú síbẹ̀. Ọwọ́ kejì á máa ṣẹ́ plíìtì sí apá gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀bátí, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí etí èyí tó tẹ̀ lé e máa yọ díẹ̀ lókè èyí tó ṣáájú. Nígbà tí plíìtì bá tó, a ó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ lọ sí ìpàkọ́, kó gun orí apá kúkúrú, a ó fà á le, a ó sì so ó. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó ń ṣí òkè rẹ̀, tí a ń tò ó bó ṣe wù wá, tí a sì ń ki ìyókù bọ inú.

Kò sẹ́ni tí etí aṣọ tí wọ́n ń ṣẹ́ ń dà láàmú. Òkè tí wọ́n ń ṣí náà, bó bá wọ́, wọ́n á tún un tò. Ibi méjì ni wàhálà wà. Èkíní ni ọwọ́ tó wà ní ìpàkọ́. Nígbà tí ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lọ sí plíìtì, ọwọ́ ẹ̀yìn á dẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ẹ ó mọ̀ bí ẹ bá rí i pé etí gèlè ń gun iwájú orí lọ sókè, tí etí akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra rẹ̀ sì ń yọ síta. Ìkejì ni ìrìn àjò plíìtì láti ẹ̀bátí dé ìpàkọ́. Bí ìka bá kúrò nídìí plíìtì náà kó tó débẹ̀, gbogbo rẹ̀ á wó mọ́ ara wọn, á di ìdìpọ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá so ó tán ló máa tó rí i nínú jígí, kò sì ní mọ ìgbà tó bàjẹ́.

Nítorí náà, ìbéèrè tí màá fi wọn ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò ni pé: ṣé kámẹ́rà rí ọwọ́ ìpàkọ́, ṣé ó sì rí plíìtì títí tó fi débẹ̀?

Níwájú

Kámẹ́rà iwájú rọrùn jù. Olùkọ́ ń rí ara rẹ̀ lójú fóònù, kò nílò ẹni tó máa bá a gbé e. Ó dára gan-an fún fífi bí etí gèlè ṣe gbọ́dọ̀ dọ́gba lókè ojú hàn, ó sì dára fún plíìtì ẹ̀bátí bí olùkọ́ bá yí orí díẹ̀. Ojú èèyàn náà tún máa ń dá ẹni tó ń yí fídíò kọjá dúró. Èyí kì í ṣe ohun kékeré, torí fídíò tí ẹnikẹ́ni ò dúró wò, kò kọ́ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n láti iwájú, ìpàkọ́ kò sí. Àwọn ọwọ́ méjèèjì kàn máa ń wọ ẹ̀yìn orí, nǹkan kan á ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á sì tún yọ síta pẹ̀lú gèlè tó ti dúró. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ wá kọ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀tún àti òsì tún wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń fi kámẹ́rà iwájú gba fídíò, ohun tí ẹ ń rí lójú fóònù dà bí inú jígí. Àwọn fóònù kan á tọ́jú fídíò náà bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn á yí i padà sí bí ẹni tó dúró níwájú yín ṣe máa rí yín. Lórí iPhone, ibi tí wọ́n ti ń yàn án ni `Mirror Front Camera` nínú ètò kámẹ́rà. Bí ẹ ò bá mọ èyí tí tiyín ń ṣe, ẹ mú ìwé tí a kọ nǹkan sí dání, kí ẹ gba fídíò díẹ̀, kí ẹ sì wò ó lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ́jú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ orí ìwé náà bá ṣeé kà, fóònù yín ti yí i padà: ọwọ́ ọ̀tún yín wà ní apá òsì ẹni tó ń wò. Bí kò bá ṣeé kà, ó wà bí inú jígí.

Fún gèlè, bí inú jígí ni mo fẹ́ kó wà. Ẹni tó ń kọ́ ọ dúró síwájú jígí tirẹ̀, fídíò náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jígí, ohun méjèèjì á sì máa lọ sí apá kan náà. Bí ẹ bá yí i padà, yóò máa gbé ọwọ́ tí kò yẹ, plíìtì rẹ̀ á sì dojú kọ apá òdì. Àfi bí ọ̀rọ̀ kan bá wà lára ògiri ẹ̀yìn yín tí ẹ fẹ́ kí wọ́n kà, kò sí ìdí láti yí i.

Ọ̀nà tó dáa jù ni pé kí ẹ má pe ọ̀tún tàbí òsì rárá. Ẹ sọ pé "ọwọ́ tó di apá kúkúrú mú", kí ẹ sọ pé "apá gígùn". Ẹni tó ń lo ọwọ́ òsì náà á bá yín lọ láìsí ìdààmú, torí ibi tó bá fẹ́ ló máa fi apá kúkúrú sí.

Lẹ́yìn

Níbí, olùkọ́ kọ ẹ̀yìn sí fóònù, ó sì dojú kọ jígí. Fóònù dúró lórí igi tàbí lórí pẹpẹ, ó ga ju èjìká rẹ̀ lọ díẹ̀, ó sì yà sí apá tí apá gígùn gèlè wà. Láti ibẹ̀, kámẹ́rà rí ọwọ́ tó wà ní ìpàkọ́ gbangba, ó rí ẹ̀bátí, ó sì rí ojú ọ̀nà tí plíìtì ń gbà kọjá láàárín àwọn méjèèjì. Bí jígí bá wà ní ibi tó yẹ, ojú olùkọ́ á tún hàn nínú rẹ̀, ẹni tó ń wò á sì rí iwájú àti ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà.

Èrè tó tún wà níbẹ̀ ni pé kò sí yíyí ọwọ́ padà. Ọwọ́ ọ̀tún olùkọ́ wà ní apá ọ̀tún ẹni tó ń wò, bí ẹni tó dúró sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń wo ohun tó ń ṣe. Kámẹ́rà ẹ̀yìn fóònù lẹ ó sì lò, èyí tó sábà máa ń ríran ju ti iwájú lọ.

Àwọn ohun tó ń bà á jẹ́ náà wà. Ìgúnpá ni àkọ́kọ́. Bí ọwọ́ bá lọ sẹ́yìn orí, ìgúnpá á gbéra, á sì dí ìpàkọ́ tí ẹ wá fi hàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí fóònù ga ju èjìká lọ, kí ẹ sì dorí rẹ̀ kọlẹ̀ díẹ̀. Á máa wo inú àlàfo àárín apá méjèèjì. Ìkejì ni pé olùkọ́ ò rí ojú fóònù, kò sì ní mọ̀ bí orí rẹ̀ bá ti kúrò nínú àwòrán. Ẹ lẹ nǹkan mọ́ ilẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ yín wà, kí ẹ gba fídíò díẹ̀, kí ẹ lọ wò ó, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ìkẹta ni iná. Iná tó bá dojú kọ jígí á padà sínú kámẹ́rà, jígí á di funfun báláú. Kí iná wá láti ẹ̀gbẹ́, tàbí kó jẹ́ ti fèrèsé.

Ọ̀rọ̀ àyè nínú àwòrán kan gbogbo ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ibí ló ti ń ṣe èèyàn jù. Fídíò kúkúrú dúró lóòró, gèlè sì ń ga bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Bí orí yín bá ti kan òkè àwòrán kí ẹ tó wé e, gèlè náà á gé nígbà tó bá parí. Lápá ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, àwọn bọ́tìnnì àti àkọlé ìkànnì á bo ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìpàkọ́ wà láàárín gbùngbùn àwòrán, kí àyè tó tó ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan ṣófo lókè.

Lórí ẹlòmíràn

Fídíò tí a ti ń wé gèlè fún ẹlòmíràn ló máa ń hàn kedere jù. Ọwọ́ olùkọ́ kò sí lẹ́yìn orí ara rẹ̀, ẹni tó ń gba fídíò lè yí wọn ká, plíìtì kọ̀ọ̀kan á sì hàn. Bó ṣe ń hàn tó yìí ló ń tan àwa olùkọ́ jẹ. Ẹni tó ń wé gèlè sórí ara rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lókè, ó yí sẹ́yìn, apá ń ro ó, kò sì rí ohun tó ń ṣe. Ìka rẹ̀ di ìdí plíìtì mú láti ìhà kejì. Ohun tó rí nínú fídíò yìí kò bá ohun tí ọwọ́ tirẹ̀ máa ṣe mu.

Ọwọ́ kẹta tún wà tí kì í sábà hàn nínú àwòrán. Ẹni tí wọ́n ń wé gèlè fún máa ń bá olùkọ́ di iwájú mú. "Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ níbí," olùkọ́ á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì gé ọ̀rọ̀ náà kúrò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó dá wà nílé ò ní ẹni tó máa bá a tẹ ibì kankan. Bí ẹ bá lo orí oníke dípò èèyàn, ìyẹn náà ní tirẹ̀: kò ní sọ fún yín pé ó ti ń le jù, gèlè sì lè máa yọ̀ lórí rẹ̀ bí kò bá ní irun.

Ẹ yan ọ̀nà yìí bí àwọn tí ẹ ń kọ́ bá fẹ́ máa wé gèlè fún oníbàárà: àwọn ọmọ iṣẹ́, àwọn tó fẹ́ máa wé e fún ìyàwó àti àwọn tó wọ aṣọ ẹbí. Fún wọn, kò sí èyí tó dáa tó o, torí bí wọ́n ṣe máa dúró nìyẹn. Fún ẹni tó fẹ́ múra òde láàárọ̀ Sátidé nínú yàrá tirẹ̀, kì í ṣe òun.

Gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àbí ní gígé-gígé?

Títí di oṣù October 2024, ìṣẹ́jú 1 ni fídíò YouTube Shorts kò gbọdọ̀ kọjá. Láti ọjọ́ 15 oṣù náà, ó lè tó ìṣẹ́jú 3. Gèlè oníplíìtì ṣeé wé tán láàárín ìṣẹ́jú 3 fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ó ti ṣeé ṣe láti fi gbogbo iṣẹ́ náà sínú fídíò kan láìsáré.

Síbẹ̀, mi ò ní yan ìyẹn. Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ níbi tó dúró sí. Ọwọ́ rẹ̀ kan di apá kúkúrú mú ní ìpàkọ́, èkejì wà lára plíìtì. Kò ní ọwọ́ tó máa fi dá fídíò dúró tàbí dá a padà sẹ́yìn. Bí ohun kan bá kọjá lójú rẹ̀ ní ìdajì ìṣẹ́jú kejì, àfi kó jọ̀wọ́ gèlè sílẹ̀, kó lọ wá ibẹ̀, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Fídíò kúkúrú máa ń tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bó bá ti parí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bí ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo bá wà nínú rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ lè dúró síbẹ̀, kó máa wò ó léraléra pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí, títí tó fi máa bọ́ sí i.

Nítorí náà, mẹ́ta ni màá gé gèlè yìí sí: gbígbé e sórí àti dídi apá kúkúrú mú, plíìtì àti gbígbé wọn dé ìpàkọ́, síso ó àti ṣíṣí òkè. Ẹ jẹ́ ká to ìkejì, tó le jù, sínú ìṣẹ́jú àáyá 40. Mẹ́rin àkọ́kọ́: plíìtì tó dúró dáadáa ní ẹ̀bátí, kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tó ń wá. Mẹ́rin tó tẹ̀ lé e: ọwọ́ ìpàkọ́ nìkan, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé "ọwọ́ yìí ò gbọdọ̀ dẹ̀". Lẹ́yìn náà, plíìtì márùn-ún, ìṣẹ́jú àáyá 4 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìsáré, láìgé. Ìyẹn ti di 28. Àáyá 8 fún gbígbé wọn dé ìpàkọ́: àtàǹpàkò wà lábẹ́, ìka yòókù wà lókè, gbogbo ìdí plíìtì sì wà láàárín wọn títí wọ́n fi gun orí apá kúkúrú. Àáyá 4 tó kù, ẹ mi orí díẹ̀ láìjọ̀wọ́ ọwọ́, kí ó hàn pé iwájú ò gbéra.

Ẹ ó rí i pé mi ò fi àyè sílẹ̀ fún ìkíni tàbí orúkọ. Bí fídíò bá ń tún ara rẹ̀ ṣe, ìkíni náà á máa tún ara rẹ̀ ṣe, akẹ́kọ̀ọ́ á sì máa dúró dè é.

Ọ̀rọ̀ sísáré àti gígé: ẹ lè sáré níbi tí ẹ ti ń ṣẹ́ etí aṣọ, ẹ lè gé níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti ìgbà tí ọwọ́ bá ti di ìpàkọ́ mú títí tí ẹ ó fi so ó, ẹ má gé e. Bí àwòrán bá fò níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ò ní mọ bí ọwọ́ yín ṣe dé ibi tuntun, bẹ́ẹ̀ ni kò ní mọ̀ bóyá ẹ jọ̀wọ́ aṣọ láàárín kan. Ẹ sì sọ̀rọ̀ lẹ́nu. Àkọlé tí a kọ sójú fídíò wúlò fún ẹni tó ń wò ó lórí bẹ́ẹ̀dì, àmọ́ ojú ẹni tó ń wé gèlè wà nínú jígí, etí rẹ̀ ló ṣófo.

Aṣọ wo ni kámẹ́rà ń rí?

Ségò ń tàn, plíìtì rẹ̀ sì máa ń dúró gírígírí, ó rẹwà lójú ẹni. Lójú kámẹ́rà, iná lè jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ tàn bákan náà, kí ojú má lè ya plíìtì kan sọ́tọ̀ lára èkejì. Aṣọ òkè kì í tàn bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ èyí tó ní ìlà lára, ìlà náà á máa fi ibi tí aṣọ ń lọ hàn. Fún fídíò kíkọ́ni, aṣọ òkè aláwọ̀ tó yàtọ̀ sí àwọ̀ ọwọ́ yín ni màá mú.

Bó bá jẹ́ ségò lẹ fẹ́ lò, ẹ má tún fídíò gbà lórí èyí tí ẹ ti wé tẹ́lẹ̀. Ségò máa ń tọ́jú ojú ibi tí a ti ṣẹ́ ẹ. Nígbà kejì, àwọn ojú ìlà náà ló ń darí ọwọ́ yín, plíìtì á sì máa ṣubú sáyè fúnra wọn. Ti akẹ́kọ̀ọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ọ̀rá, ó ń yọ̀, kò ní ìlà kankan. Á rò pé ọwọ́ òun ni kò dáa.

Èwo ni kí ẹ wá mú?

Bó bá jẹ́ ẹni tó ń wé e fúnra rẹ̀ lẹ ń kọ́, ẹ gbé fóònù sẹ́yìn, kí jígí wà níwájú, fún fídíò kejì àti ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹta. Fún èkíní, níbi tí ẹ ti ń gbé gèlè lé iwájú orí, kámẹ́rà iwájú tó wà bí inú jígí tó fún un, ó sì yá jù. Bí ẹ bá dé ibi tí ẹ ti ń ṣí òkè, ẹ tún padà síwájú. Bó bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ṣe lẹ ń kọ́, ẹ fi gbogbo rẹ̀ sórí ẹlòmíràn, kí ẹ sì sọ ọ́ síta nígbà tí ẹ bá ní kó bá yín dì í mú.

Kí ẹ tó gbé e síta, ẹ fún ẹnì kan tí kò wé gèlè rí ní aṣọ àti fóònù, kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ má wo bí gèlè rẹ̀ ṣe rí nígbà tó parí. Ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Bó bá jọ̀wọ́ gèlè láti lọ fọwọ́ kan fóònù, ẹ kọ ibi tí fídíò dé sílẹ̀. Bó bá tún jọ̀wọ́ ẹ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ìgbésẹ̀ yẹn nìkan ni kí ẹ tún gbà, láti ibi tí kámẹ́rà ti lè rí ìka yín.